Lẹ́tà sí àwọn ọmọ ìyá mi, nítorí Bàbá wa tí iyè wọn ń ra

Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, àti ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn bá Bàbá sọ̀rọ̀, pé Bàbá ki àwọn ní oríkì láìfo ẹsẹ kan, wọ́n tún pa òwe, nítorí náà kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní Bàbá sọ fún òun pé ìyàwó wa tó ń tọ́jú wọn ń jí owó wọn, ó sì fẹ́ ká lé e kúrò nílé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò sì fẹ́ fèsì ní kíákíá, torí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ìbínú dáhùn lórí fóònù kì í yé ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Síbẹ̀, bíbá Bàbá gbé inú ilé kan náà ní Ṣàgámù níbí ti kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́ọ̀dù kò kọ́ mi. Ní wọ́ọ̀dù, ilẹ̀ á ṣú, èmi á lọ sílé. Nílé, kò síbi tí mò ń lọ.

Ohun tó ń ṣe Bàbá ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́nṣíà, oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àlúsáímà. Dókítà kò kàn wo ojú wọn lásán kó sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè mú àgbàlagbà máa gbàgbé, tí wọ́n sì ṣeé tọ́jú: bí fítámì B12 bá kéré lára, bí nǹkan bá ṣe ẹṣẹ́ kékeré tó wà lọ́rùn, bí ṣúgà bá ń lọ sókè sódò, bí ìbànújẹ́ bá ti wọ èèyàn lára jù, tàbí bí oògùn kan bá ń da orí rú. Ó tún ní kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, nítorí bí àgbàlagbà bá ṣubú, ẹ̀jẹ̀ lè rọra dà sábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹni tó mọ̀. Gbogbo ìyẹn kò sí lára Bàbá. Lẹ́yìn náà ni dókítà sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún wọn, ó ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n sì tún un sọ láìṣìṣe. Ó bá wọn sọ nǹkan mìíràn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo ní kẹ́ ẹ pa mọ́ dà?" Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ wo? Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún mi."

Ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àgbà tí ara rẹ̀ le lè gbàgbé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, tí o bá fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rán an létí, á ní, "Áà, bẹ́ẹ̀ ni!" Ní ti Bàbá, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà sá pamọ́ síbì kan nínú orí. Kò wọlé rárá. Apá kan wà nínú ọpọlọ, ní ìhà inú lọ́hùn-ún níbi tó bá etí dọ́gba, òun ló ń gba ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, tó ń sọ ọ́ di ohun tí a ó rántí lọ́la. Ibẹ̀ ni àìsàn yìí máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ohun tó ti wọlé kí àìsàn tó dé ṣì máa ń wà fún ìgbà pípẹ́.

Gbogbo wa la dàgbà sídìí obì gbànja Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé. Tí wọ́n bá di obì sínú agbọ̀n tí ewé rẹ̀ kò bò ó dáadáa lókè, èyí tó wà lókè ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Tí ẹ bá tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ẹ ó bá èyí tó ṣì tutù bí ọjọ́ tí wọ́n bó o. Bẹ́ẹ̀ ni iyè Bàbá ṣe rí báyìí. Oúnjẹ àárọ̀ yìí ti gbẹ, àbẹ̀wò yín nígbà ọdún ti gbẹ, ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá wọn ń kì wọ́n, òwe tí wọ́n kọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà Mákùn, orúkọ àwọn Aláúsá tó ń wá ra obì lọ́wọ́ wọn ní Sábó, wọ́n wà nísàlẹ̀ agbọ̀n, wọ́n tutù.

Ohun tó fà á nìyẹn tí ara wọn fi máa ń dà bí ẹni tó le lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi. Kíkí, oríkì àti òwe ni ọ̀rọ̀ fóònù, ìsàlẹ̀ agbọ̀n sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Tí ẹ bá tún pè wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ lárọ̀ọ́, kí ẹ wá bi èmi náà. Wọn ò ní sọ fún yín pé àwọn ò rántí. Wọ́n á ní, "A dúpẹ́, a jẹun, a yó." Àgbà ni wọ́n, wọ́n mọ bí èèyàn ṣe ń bo ara rẹ̀ láṣìírí. Ẹ má sì rò pé wọ́n mọ̀ pé àìsàn wà lára àwọn tí wọ́n kàn ń fi pamọ́. Ọpọlọ tó yẹ kó sọ fún wọn pé iyè ń ra náà ni àìsàn wà nínú rẹ̀, nítorí náà lójú Bàbá, àwa là ń ṣe wérewère.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó, èyí tó dùn mí jù.

Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá á mú owó wọn, wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á fi sábẹ́ ibùsùn. Tó bá di ọ̀sán, ọkàn wọn ò ní balẹ̀ pé ibẹ̀ dáa tó, wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á lọ fi pamọ́ síbòmíì. Kíkó tí wọ́n kó o kúrò yìí ni kò wọlé sínú iyè. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì, òfìfo ni wọ́n á bá. Ẹ fi ara yín sí ipò wọn: o mọ̀ dájú pé o fi owó síbì kan, o dé ibẹ̀, kò sí, o sì mọ̀ dájú pé ìwọ kọ́ lo kó o. Kí lo máa rò? O máa rò pé ẹnì kan kó o. Ta ló sì ń wọ yàrá náà? Ìyàwó wa ni, òun ló ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Èrò wọn tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun kan ṣoṣo tó ṣìnà níbẹ̀ ni pé wọn ò rántí pé ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló kó o. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn jù, tó ń ṣe iṣẹ́ wọn jù, ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn kàn jù. Mo rí i ní wọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà.

Tí èèyàn bá ń jiyàn, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé e o, kò sẹ́ni tó jí i," ìjà ló máa dà. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ náà á lọ kúrò lọ́kàn wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò ní lọ. Apá ọpọlọ tó ń mú ọ̀rọ̀ pa mọ́ ló ń kú. Èyí tó ń mọ ìbẹ̀rù, ìbínú àti ìfẹ́ ṣì lágbára. Wọ́n á wá bínú di alẹ́, wọn ò ní mọ ohun tó bí wọn nínú, oúnjẹ ò ní wọlé. Ohun tí àwa ń sọ báyìí ni, "Owó yín sọnù kẹ̀, Bàbá? Ó dun èèyàn o. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a." A óò dìde, a óò wá a pa pọ̀. A ti mọ àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ràn: inú bàtà Kérésìmesì, inú àpò agbádá àlàárì, abẹ́ àwọn agbọ̀n òfìfo ní ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá ti rí i, a kì í sọ pé, "Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí?" A ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tún fi owó wẹ́wẹ́, ogún náírà àti àádọ́ta náírà, sínú pọ́ọ̀sì kan fún wọn kí wọ́n máa rí nǹkan kà; owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san ń lọ tààrà sí báǹkì, ìwé rẹ̀ sì wà níbi tí gbogbo yín lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, àbúrò mi ní Kánádà, mo bẹ̀ ọ́, pe ìyàwó wa lórí fóònù, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé o ò gbà pé olè ni. Ó gbọ́ ohun tó o sọ. Òun ló ń wẹ Bàbá, òun ló ń ro ìkọ́kọrẹ́ fún wọn ní rírọ̀ kó lè rọrùn láti gbé mì. Tó bá fi ìbínú lọ, kò sẹ́ni nínú wa tó lè ṣe ìdajì ohun tó ń ṣe.

Ohun kejì tó ń dà yín láàmú ni pé Bàbá ń ní kí a jẹ́ kí àwọn lọ sílé, nígbà tí wọ́n wà nínú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, láti bí agogo márùn-ún lọ. Wọ́n á dìde, wọ́n á dé fìlà mọ́rí, wọ́n á máa wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ọkọ̀ Kánò ti fẹ́ gbéra, wọn ò sì tíì di obì tán. Ilé tí ó wà lọ́kàn wọn ni agbo ilé ní Mákùn, níbi tí wọ́n ti ṣe kékeré. Ilé tí a wà yìí kò tíì pẹ́ nínú iyè wọn, torí ìgbà tí wọ́n ti dàgbà ni wọ́n kọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ le fún wọn nítorí pé ó ti rẹ ọpọlọ láti àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ, òjìji ń jáde lára ògiri, aago inú ara tó máa ń sọ fún èèyàn pé ilẹ̀ ń ṣú sì ti dàrú. Tí wọ́n bá tún mú iná lọ lásìkò náà, ó parí. A ti ń tan iná sólà kí ilẹ̀ tó ṣú rárá, a sì ń fa kọ́tìnì. A kì í jẹ́ kí wọ́n sùn pẹ́ lọ́sàn-án. Tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sílé, mi ò ní sọ pé, "Ilé yín nìyí." Mo máa ń ní, "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ojú ọ̀nà." A óò rìn dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, mo máa bi wọ́n léèrè nípa Mákùn, wọ́n á máa sọ, tí a bá fi máa padà, wọ́n á ní, "Ó rẹ̀ mí, ká wọlé." Mo ti sọ fún àwọn ọlọ́kadà ìta wa pé kí wọ́n má gbé wọn láìpè mí, mo sì rán nọ́ńbà fóònù mi mọ́ abẹ́ fìlà àti inú bùbá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dábàá pé ká ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti òde. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé ńkọ́?

Àwọn agbọ̀n obì tí ẹ ní kí n kó dànù, mi ò ní kó wọn dànù. Tí mo bá ra gbànja díẹ̀ lọ́jà, mo máa ń dà á síwájú wọn. Wọ́n á ṣà á: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀. Ọwọ́ wọn kì í ṣìṣe. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ láti ìgbà èwe, ibòmíì nínú ọpọlọ ló wà, àìsàn náà kì í tètè dé ibẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ṣa obì, ara wọn máa ń balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá wa ńkọ́. Wọ́n ń bi mí pé, "Ìyá yín dà?" Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá kẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn pé Ìyá ti kú, Bàbá sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lóòótọ́ ni. Tí a bá ń sọ ọ́ fún wọn lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀ṣẹ̀ ni irọ́, mo sì mọ̀ pé tọkàntọkàn lẹ fi sọ ọ́. Èmi kì í purọ́ fún wọn pé Ìyá wà ní ọjà. Mo máa ń ní, "Ọkàn yín fà sí Ìyá. Kí ni ẹ fẹ́ bá wọn sọ?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún mi. Àmọ́ bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n wo ojú mi, tí wọ́n ní, "Ṣé Ìyá yín ti kú ni?" òótọ́ ni mo máa ń sọ, ní ohùn pẹ̀lẹ́, mo á sì di ọwọ́ wọn mú. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti fura, kò sì yẹ ká fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìfura náà.

Àwọn kan nínú yín ní ayé ló ń ṣe Bàbá, àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni, pé kì í ṣe tiwa. Ní 1992, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí wọlé tọ àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianápólísì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àìsàn yìí kò pọ̀ láàárín àwa Yorùbá tó tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa. Mi ò sọ pé ká má gbàdúrà; mò ń gbàdúrà fún Bàbá láàárọ̀ lálẹ́. Ààwẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n gbà ni mi ò fara mọ́. Arúgbó tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, orí rẹ̀ á túbọ̀ dàrú láàárín ọjọ́ kan péré. Oògùn tí dókítà kọ fún wọn kò lè wo àìsàn náà sàn. Ó lè mú kí nǹkan rọ̀ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má sì fi oògùn kátà tó ń kunni lóorun tàbí oògùn oorun ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, torí wọ́n máa ń da orí àgbàlagbà rú sí i.

Ohun kan wà tí gbogbo yín gbọ́dọ̀ mọ̀, tó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn yìí ń rìn, ó ń gba oṣù, ó ń gba ọdún. Tí Bàbá bá yí padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe ìgbàgbé nìyẹn mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lásìkò òjò: lánàá wọ́n ń ṣa obì, lónìí wọ́n ń sùn láti àárọ̀, tí a bá jí wọn wọ́n ń fọwọ́ já nǹkan lójú òfuurufú, wọ́n ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ará ilé ní àìsàn náà ti le sí i. Mo wo ìtọ̀ wọn, ó dúdú, ó ń rùn, wọ́n sì ti ń tọ̀ léraléra. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kòkòrò ló wọ ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Wọ́n fún wọn ní omi àti oògùn, nígbà tó ṣe díẹ̀ wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ara arúgbó lè má gbóná rárá bí kòkòrò tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, orí ló máa kọ́kọ́ fi hàn. Ìgbẹ́ tó há lè ṣe é, ibà lè ṣe é, ṣíṣubú lè ṣe é. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ má wá lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Kí ẹni tó bá dé kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ níwájú wọn níbi tí ojú wọn ti lè rí i, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀: "Bàbá, èmi ni o, ọmọ yín kẹta." Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ìdánwò ni ìyẹn, ìtìjú ló sì máa ń dà fún wọn. Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró. Èsì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Bí wọ́n bá pe ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ àbúrò wọn tó ti ṣaláìsí, kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n rí lójú yín.

Ìyàwó wa fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lóṣù tó ń bọ̀, ó sì yẹ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èmi nìkan ò lè dá a ṣe, ẹ̀yìn mi kò gba gbígbé Bàbá dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, ṣé ẹ lè gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Kí àbíkẹ́yìn wa gba èkejì, torí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Kí àbúrò mi ní Kánádà bá wa sanwó ọmọbìnrin tó máa máa wá fọṣọ. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́bọ̀, kí n lè sọ ọjọ́ tí ìyàwó wa máa lọ fún un.